Kíka Èròjà Mẹ́rin àti Ìṣesí Mẹ́ta Nínú Àtẹ Ìbí Tó Fì Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtẹ ìbí kan dọ́gba tàbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kìíní ní ti èròjà, ìgbà kejì ní ti ìṣesí, nítorí pé àtẹ tó dọ́gba nínú ọ̀kan lè fì gidigidi nínú èkejì. Àtẹ ìbí ni àwòrán tó ń fi ibi tí oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì wà hàn ní ìṣẹ́jú tí a bí ènìyàn. Àwọn awòràwọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́, tí àwọn ti Yúróòpù jogún iṣẹ́ wọn, pín ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀ lójú ọ̀run sí àmì méjìlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ dígíríì 30, wọ́n sì fún àmì kọ̀ọ̀kan ní èròjà kan àti ìṣesí kan.

Èròjà ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ọkàn ènìyàn máa ń fà sí: iná jẹ́ ti ìtara àti ìgboyà, ilẹ̀ jẹ́ ti ohun tó ṣeé fọwọ́ bà bí owó, oúnjẹ àti iṣẹ́ ọwọ́, afẹ́fẹ́ jẹ́ ti èrò àti ọ̀rọ̀, omi sì jẹ́ ti ìmọ̀lára. Ìṣesí ni wọ́n fi ń sọ bí ènìyàn ṣe ń rìn nínú ohun náà: ẹni ìbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń dá nǹkan sílẹ̀, ẹni ìdúró ni ó máa ń di nǹkan mú, ẹni ìyípadà sì ni ó máa ń tún nǹkan ṣe bí ipò bá ṣe rí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni so èròjà wọ̀nyí mọ́ Ṣàngó, Ọ̀ṣun tàbí odù Ifá kankan, nítorí pé ilé ìmọ̀ méjì tí kò ní ìpìlẹ̀ kan náà ni.

Ohun tí a nílò

Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́, wákàtí àti ìlú tí a ti bí ẹni náà, tó bá ṣeé ṣe láti inú ìwé tí ilé ìwòsàn tàbí ìjọba kọ lákòókò náà, kì í ṣe láti inú ìrántí ẹbí nìkan. Láàárín àwọn àgbàlagbà Yorùbá, ọjọ́ ìbí tó wà lórí ìwé lè jẹ́ èyí tí a fi ojú díwọ̀n nígbà tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí tí wọ́n ń gba iṣẹ́. Ẹni tó bá gbé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá kò ní àtẹ tó ṣeé kà, ó sì sàn kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́nà ọ̀wọ̀ ju kí a kà á lọ.

Lẹ́yìn èyí, a nílò ètò orí ẹ̀rọ tó ń ya àtẹ, bí irú èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní astro.com, abala ìwé kan, pẹ́ńsù àti ìrésà. Orúkọ tí ètò náà máa fi hàn kì í ṣe ti Yorùbá, nítorí náà ó dára kí òǹkàwé mọ̀ pé Aries ni Àgbò, Taurus ni Akọ Màlúù, Gemini ni Ìbejì, Cancer ni Alákàn, Leo ni Kìnnìún, Virgo ni Wúńdíá, Libra ni Òṣùwọ̀n, Scorpio ni Àkeekèé, Sagittarius ni Tafàtafà, Capricorn ni Òbúkọ, Aquarius ni Apọnmi, Pisces sì ni Ẹja. Venus tó máa hàn lójú ẹ̀rọ ni ìràwọ̀ tí Yorùbá ti ń pè ní Àgùàlà láti ayébáyé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: fífa ilà sí abala ìwé

A fa ilà sí mẹ́rin ní ìbú fún èròjà, a sì fa ilà sí mẹ́ta ní òró fún ìṣesí, kí àpótí méjìlá lè jáde, tí àmì kan ṣoṣo yóò wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

| | Ìbẹ̀rẹ̀ | Ìdúró | Ìyípadà |
|---|---|---|---|
| Iná | Àgbò | Kìnnìún | Tafàtafà |
| Ilẹ̀ | Òbúkọ | Akọ Màlúù | Wúńdíá |
| Afẹ́fẹ́ | Òṣùwọ̀n | Apọnmi | Ìbejì |
| Omi | Alákàn | Àkeekèé | Ẹja |

Ẹni tí kò bá fẹ́ máa há a sórí lè rántí pé láti Àgbò, èròjà ń tẹ̀ lé ara wọn ní iná, ilẹ̀, afẹ́fẹ́, omi, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ìṣesí náà sì ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdúró, ìyípadà. Ìgbà mẹ́rin inú ọdún ní apá àríwá ayé ni ìṣesí ti wá: àmì tí oòrùn wọ̀ nígbà tí ìgbà tuntun bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè ní ti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó bọ́ sí àárín ìgbà ni ti ìdúró, èyí tí ìgbà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ sì ni ti ìyípadà. Kò bá òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Yorùbá mu, kò sì yẹ kí a fi tipátipá mú un bá a mu.

Orúkọ Yorùbá lè ṣi ènìyàn lọ́nà níbí. Apọnmi gbé omi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni èròjà rẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni a ti ń rí àkeekèé, síbẹ̀ omi ni wọ́n kà á sí. Àṣìṣe méjèèjì yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, bí iye omi bá sì pọ̀ jù tàbí kéré jù nínú àtẹ kan, ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kejì: kíka méje ṣáájú mẹ́ta

A kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù sàmì sí àpótí tí méje àtijọ́ bọ́ sí, àwọn náà ni Oòrùn, Òṣùpá, Mẹ́kúríù, Àgùàlà, Máàsì, Júpítà àti Sátọ́ọ̀nù. Yúránọ́ọ̀sì, Nẹ́ptúùnù àti Plútò ni a máa fi àmì roboto kọ sí ẹ̀gbẹ́, a kò sì ní í pò wọ́n mọ́ méje yẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn mẹ́ta yìí kì í tètè kúrò lójú kan: Yúránọ́ọ̀sì ń lo bí ọdún 7 nínú àmì kan, Nẹ́ptúùnù ń lo bí ọdún 14, Plútò sì lè lo ọdún 12 tàbí kí ó kọjá 30. Wọn kì í ṣe ti ẹnì kan, ti gbogbo ẹgbẹ́ ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọ́n. Gbogbo ọmọ tí a bí láyé ní ọdún 1989, bóyá ní Ìbàdàn tàbí ní Salvador, ní Sátọ́ọ̀nù, Yúránọ́ọ̀sì àti Nẹ́ptúùnù nínú Òbúkọ, tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti ti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, gbogbo wọn ni yóò dà bí ẹni tí ilẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀.

Àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn ní ìṣẹ́jú ìbí náà ń gba àmì tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ó máa ń yí padà ní bíi wákàtí méjì sí méjì, ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ rárá bí wákàtí kò bá dájú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mímọ̀ bóyá fífì náà tó nǹkan

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu sọ pé àtẹ kan fì, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ pé báwo ni irú rẹ̀ ṣe rọrùn tó láti ṣẹlẹ̀ lásán. Bí a bá ka ìpínkiri méje sí èròjà mẹ́rin bí ẹni tó ń da ayò sínú ọpọ́n láìwo ibi tí ó ń bọ́ sí, nǹkan bí ìdajì àtẹ ni yóò ṣàìní èròjà kan pátápátá. Nítorí náà, ẹni tí kò ní omi rárá nínú méje rẹ̀ kì í ṣe àràmàǹdà, àwọn tó jọ ọ́ pọ̀ lọ́jà. Ìṣesí tí kò sí rárá ṣọ̀wọ́n díẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni ìṣesí tó kó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú méje, nǹkan bí ẹnì kan nínú méje. Ìṣirò yìí kò péye tán, nítorí pé Mẹ́kúríù kì í jìnnà sí Oòrùn ju bíi dígíríì 28 lọ, Àgùàlà náà kì í jìnnà sí i ju bíi 47 lọ, tó fi jẹ́ pé àwọn mẹ́ta náà sábà máa ń gbá jọ sí àmì kan tàbí èyí tó múlé tì í.

Ìlànà tó wúlò nínú iṣẹ́ ni pé kí a pe èròjà ní èyí tó pọ̀ jù bí ó bá kó mẹ́rin nínú méje, kí a pe ìṣesí ní èyí tó pọ̀ jù bí ó bá kó márùn-ún, kí a sì kọ òdo sílẹ̀ láìkígbe. Èyí tó bá wà láàárín kò yẹ ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: yíya ti èròjà sọ́tọ̀ sí ti ìṣesí

Fífì èròjà àti fífì ìṣesí kò jọ ara wọn, ìrísí àtẹ fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Àmì mẹ́ta tó ní èròjà kan náà fi dígíríì 120 jìnnà síra, ìyẹn ni ìjìnnà tí àwọn awòràwọ̀ kà sí ti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Àmì mẹ́rin tó ní ìṣesí kan náà, ní tiwọn, fi dígíríì 90 dábùú ara wọn tàbí kí wọ́n dojú kọ ara wọn ní 180, èyí tí wọ́n kà sí ti ìforígbárí. Ìyẹn ni pé ẹni tí èròjà kan pọ̀ jù nínú àtẹ rẹ̀ ni àṣà yìí ń wò bí ẹni tí nǹkan kan rọrùn fún tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, nígbà tí ẹni tí ìṣesí kan pọ̀ jù nínú tirẹ̀ dà bí ẹni tí ohun púpọ̀ nínú ara rẹ̀ ń jà du ọ̀nà kan náà.

Bí ìṣesí ìbẹ̀rẹ̀ bá pọ̀ jù, ohun tí wọ́n ń wò ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ tí a kò parí. Bí ti ìyípadà bá pọ̀ jù, ìpinnu tí kì í dúró sójú kan ni. Ti ìdúró ni àpẹẹrẹ tó ń bọ̀ yìí dá lé.

Àpẹẹrẹ kan: àtẹ Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì Kejì

Wọ́n bí Ọbabìnrin Èlísábẹ́ẹ̀tì Kejì ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, ọdún 1926, ní agogo méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú òru. Ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣọ́ ni aago: wọ́n ti sún aago síwájú fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, nítorí náà agogo kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni lórí aago tí ìṣirò ojú ọ̀run ń lò. Ètò orí ẹ̀rọ tó dára máa ń yọ wákàtí náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òǹkàwé fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó yọ ọ́.

Oòrùn wà nínú Akọ Màlúù, Òṣùpá nínú Kìnnìún, Mẹ́kúríù nínú Àgbò, Àgùàlà nínú Ẹja, Máàsì àti Júpítà nínú Apọnmi, Sátọ́ọ̀nù sì wà nínú Àkeekèé. Bí a bá fi wọ́n sínú àpótí, iná gba méjì, ilẹ̀ gba ọ̀kan, afẹ́fẹ́ gba méjì, omi gba méjì; ẹni tó bá dúró síbi èròjà nìkan yóò sọ pé kò sí ohun tó ṣe àtẹ yìí. Ṣùgbọ́n ìdúró gba márùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ gba ọ̀kan péré, ìyípadà gba ọ̀kan, gbogbo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ìdúró ló sì ní ẹni tó wà níbẹ̀.

Bí a bá wá fi àwọn mẹ́ta tó jìnnà kún un, ọ̀rọ̀ náà yóò dà rú. Yúránọ́ọ̀sì wà nínú Ẹja, Plútò wà nínú Alákàn, Nẹ́ptúùnù sì wà nínú Kìnnìún, omi yóò wá di mẹ́rin, aláìṣọ́ra yóò sì kéde pé ẹni omi ni ọbabìnrin náà. Méjì nínú omi mẹ́rin yẹn ni ó pín pẹ̀lú gbogbo ẹni tí a bí lákòókò kan náà, nítorí pé Plútò lo bí ọdún 25 nínú Alákàn, láti nǹkan bí 1914 títí di 1939.

Ibi tó lẹ́gẹ́ jù lọ nínú àtẹ náà ni Oòrùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Akọ Màlúù tó sì wà ní ìdá kan nínú márùn-ún dígíríì kan péré. Ó ti wọlé ní bíi wákàtí márùn-ún ṣáájú ìbí rẹ̀. Bí wọ́n bá bí i ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ 20, Àgbò ni Oòrùn rẹ̀ yóò wà: ilẹ̀ á di òdo, iná á di mẹ́ta, ìdúró á sì wálẹ̀ sí mẹ́rin, tí kò ní í tó iye tí ìgbésẹ̀ kẹta béèrè. Gbogbo ìdájọ́ lórí fífì àtẹ yìí ló rọ̀ mọ́ wákàtí márùn-ún. Nítorí náà, ó yẹ kí a máa fi àmì sí èyíkéyìí tó bá wà láàárín dígíríì kan sí ààlà, kí a sì ka àtẹ náà lọ́nà méjèèjì kí a tó sọ̀rọ̀.

Ní ti ìtumọ̀, ohun tó máa ń yára wá sí ẹnu ni pé obìnrin yìí lo ọdún 70 lórí ìtẹ́, láti oṣù kejì 1952 títí di oṣù kẹsàn-án 2022, àtipé ìdúró nìyẹn. Ìtumọ̀ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni èyí jẹ́, ẹni tó ti mọ ibi tí ìtàn parí sí ló lè sọ ọ́. Ohun tó gbé e dé orí ìtẹ́ ni pé Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Kẹjọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, fi adé sílẹ̀ ní 1936, bàbá rẹ̀ sì kú nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún 25. Kò sí èyí tó wá láti inú àpótí ìdúró kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òtítọ́ yóò tún wá ohun tó lòdì sí ìtumọ̀ tirẹ̀, irú bí ó ṣe gbà láti máa san owó orí lórí owó tó ń wọlé fún un láti 1993, ohun tí kò ṣe fún ogójì ọdún. Ohun tí àṣà yìí lè sọ láìbu kún un ni pé àtẹ irú èyí ń bi ẹni tó ni ín bóyá ó máa ń pẹ́ kó tó fi ìpinnu tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: sísọ ọ́ fún ẹni tó ni ín

Ọ̀nà tó léwu kéré jù ni kí a gbé ohun tí a rí kalẹ̀ bí ìbéèrè. A lè bi àgbàlagbà kan pé, "Bí ẹ bá ti pinnu nǹkan tán, kí ni ó máa ń jẹ́ kí ẹ yí i padà?" kí a sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun máa ń tètè yí padà, kì í ṣe òun ló ṣàṣìṣe, iye tó wà nínú àpótí ni kò bá ayé rẹ̀ mu, ó sì yẹ kí a kọ ìyẹn sílẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì jù lọ ní ti èròjà tí kò sí. Àwọn awòràwọ̀ kan ń sọ pé ẹni tí kò ní omi kò mọ ìmọ̀lára, àwọn mìíràn ń sọ pé ìmọ̀lára gan-an ni yóò máa lépa kiri láti fi dí àlàfo náà. Bí a bá gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ìwà tí ọ̀rọ̀ náà kò ní í bá mu, ohun tó sì bá gbogbo nǹkan mu kò tíì sọ nǹkan kan. Kí òǹkàwé mú ọ̀kan ṣáájú ìjókòó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má sì yí i padà nígbà tí ó bá ti gbọ́ ẹnu ẹni náà.

Ìkìlọ̀

Ẹ̀rí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 1985, Shawn Carlson tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature, nínú èyí tí àwọn awòràwọ̀ kò lè fi àtẹ ìbí mọ àlàyé ìwà ẹni tó ni ín ju bí ẹni tó kàn ń méfò yóò ti ṣe lọ. Nítorí ìdí yìí, a kò gbọ́dọ̀ fi iye inú àpótí pinnu ẹni tí ènìyàn máa fẹ́, iṣẹ́ tí a máa gbà á sí, tàbí oògùn tí ó máa lò. Àwọn oníṣègùn Yúróòpù àtijọ́ máa ń so èròjà mọ́ omi ara, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Kò sí ìdí láti mú apá yẹn padà bọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé inú òun bàjẹ́ títí tí òun kò lè sùn, ilé ìwòsàn ni a ń tọ́ka rẹ̀ sí, a kì í sọ fún un pé omi ló pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ń gba owó láti "tún èròjà ṣe", tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ọṣẹ tàbí òkúta fún ẹni tí kò ní iná, ń ta ohun tí kíkà yìí kò béèrè. Òdo inú àpótí kì í ṣe gbèsè.

Bí wákàtí ìbí kò bá sí

A ṣì lè ka èròjà àti ìṣesí bí ọjọ́ bá dájú, nítorí pé méje náà kò nílò àmì tó ń yọ ní ìlà-oòrùn. Òṣùpá ni ó sábà máa ń fa wàhálà, torí pé ó ń rin bíi dígíríì 13 lójúmọ́, ó sì ń yí àmì padà láàárín ọjọ́ méjì àbọ̀. A óò ya àtẹ kan fún òru ọjọ́ náà ní kété tí ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, a ó ya èkejì fún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn rẹ̀. Bí Òṣùpá bá wà nínú àmì kan náà nínú méjèèjì, a kà á bí ó ṣe wà. Bí ó bá yí padà, a yọ ọ́ kúrò, a ka mẹ́fà tó kù, a sì kọ ọ́ sí orí ìwé náà pé mẹ́fà ni a kà.